Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Kíka Ojú-ìwé Storage Láti Mọ Ohun Tí Ó Ń Jẹ Àyè Fóònù Gan-an

Àwọn ìbéèrè tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn oníbàárà ń bi mí léraléra ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ọ̀nà Ọba Adésidà ní Àkúrẹ́. Mo fi àwọn orúkọ tí ó máa ń hàn lójú fóònù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ lè dá wọn mọ̀ bí ẹ bá ṣí fóònù tiyín. Fóònù Áńdróìdì ni mo ń sọ, àfi níbi tí mo bá ti dárúkọ òmíràn.

Níbo ni ojú-ìwé yìí wà, kí ni ó sì ń fi hàn?

Ẹ ṣí Settings, kí ẹ sì tẹ Storage. Lórí Samsung, inú Device care ni Storage máa ń wà. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sínú àpótí ìwákiri tí ó wà lókè Settings, yóò yọjú.

Ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ rí ni iye àyè tí a ti lò nínú gbogbo àyè tí fóònù ní. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn ìlà bíi Apps, Images, Videos, Audio, Documents, System àti Trash yóò wà, ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tirẹ̀. Orúkọ wọn lè yàtọ̀ díẹ̀: àwọn fóònù kan ya Games sọ́tọ̀, àwọn mìíràn sì ní ìlà tí wọ́n pè ní Other. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan kí ó ka ohun gbogbo tán kí ẹ tó gbà á gbọ́, nítorí pé àwọn iye náà ṣì máa ń yí lójú yín nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i.

Ọjọ́ Sátidé ni mo ra fóònù tuntun yìí, n kò tíì fi nǹkan kan sí i, ó sì ní mo ti lo 15 GB nínú 64. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Rárá o. Iye tí ó wà lára páálí ni gbogbo àyè tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà, ìgbékalẹ̀ Áńdróìdì fúnra rẹ̀ àti àwọn áàpù tí ó bá fóònù wá láti ilé iṣẹ́ sì ti gba ibùjókòó tiwọn kí ẹ tó tan fóònù. Fóònù 64 GB tí System rẹ̀ jẹ́ 15 kò ju 49 lọ fún ẹni tí ó ni ín, inú 49 yẹn sì ni kí ẹ máa ṣírò ohun gbogbo. Ìdí rẹ̀ nìyí tí fóònù 32 GB fi máa ń tètè kún ju bí ẹni tí ó rà á ṣe rò lọ: ohun tí ó kù lẹ́yìn System lè má pé ogún.

Wọ́n kọ 4 GB àti 64 GB sí ara páálí. Èwo ni ó kún?

64 ni. Mẹ́mórì ni a ń pe méjèèjì lẹ́nu, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti wọlé. 4 GB ni RAM, ibi tí fóònù ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, bí tábìlì tí a ń kọ̀wé lórí rẹ̀. 64 ni àpótí tí a ń kó ẹrù sí. Bí fóònù bá ní àyè kò sí mọ́, àpótí ni ó ń sọ, pípa àwọn áàpù tí ó ṣí sílẹ̀ kò sì lè ran àpótí lọ́wọ́.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìlà Apps àti àwọn ìlà tí ó kù?

Ìbéèrè yìí ni gbòǹgbò gbogbo ọ̀rọ̀ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn díẹ̀ ni ó ń bi í. Ọ̀nà méjì tí kò bára mu ni ojú-ìwé náà fi ń pín ẹrù. Ìlà Apps ń pín in gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni ín: ti Facebook lọ́tọ̀, ti TikTok lọ́tọ̀. Images, Videos, Audio àti Documents ń pín in gẹ́gẹ́ bí irú ohun tí ó jẹ́, wọn kì í béèrè ẹni tí ó gbé e wá.

Fídíò tí ẹ fi kámẹ́rà yà níbi ìgbéyàwó ní Òde-Oǹdó, èyí tí gúrúùpù ìdílé fi ránṣẹ́, àti èyí tí ẹ gbà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, inú Videos kan náà ni gbogbo wọn wà. Nítorí náà, ìlà tí iye rẹ̀ tóbi jù ń sọ irú ẹrù tí ó pọ̀ jù fún yín ni, kò tíì sọ ẹni tí ó kó o wọlé. Ẹni tí ó kó o wọlé ni ẹ ní láti mọ̀, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ óò ti gba àyè padà.

Fóònù ní WhatsApp kò ju 2.4 GB lọ. Kí ló dé tí ẹ fi sọ pé òun ni ó jẹ àyè náà?

Nítorí pé 2.4 GB yẹn kì í ṣe gbogbo ẹrù rẹ̀. Ohun tí a kà sí WhatsApp lọ́rùn nínú ìlà Apps ni áàpù náà fúnra rẹ̀ àti àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ti bá àwọn ènìyàn sọ. Àwọn àwòrán, fídíò àti ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín ń gbé inú fóldà mìíràn, èyí tí ó wà níbí láti ìgbà Áńdróìdì 11:

```
Android/media/com.whatsapp/WhatsApp/Media
```

Inú Images, Videos, Audio àti Documents ni ojú-ìwé Storage sì ń ka ohun tí ó wà níbẹ̀ sí. Ẹrù ẹnì kan ti pín sí ìlà márùn-ún, kò sì sí ìlà kan tí ó fi ẹ̀sùn kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Ìyá kan tí ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba gbé fóònù 64 GB wá, 61 nínú rẹ̀ ti kún. Bí ó ṣe wà lójú fóònù nìyí: Apps 19, System 15, Videos 14, Images 6, Trash 4, Audio 2, Documents 1. Màmá náà ti wo inú Apps, wọ́n rí i pé Telegram jẹ́ 4.6, TikTok 3.1, WhatsApp 2.4, wọ́n sì ti pinnu pé WhatsApp kò jẹ̀bi. A wá ṣí WhatsApp fúnra rẹ̀, a lọ sí Settings, Storage and data, Manage storage, ó sì kọ 15.8 GB síbẹ̀. Nígbà tí a tú u wò, 10 nínú 14 tí ó wà ní Videos jẹ́ ti WhatsApp, 4 nínú 6 tí ó wà ní Images, 1.4 nínú Audio, àti 0.4 nínú Documents. Bí a bá fi 2.4 ti àkọ́kọ́ kún un, 18.2 GB ni WhatsApp nìkan ń jẹ, ó ju System lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo Apps lápapọ̀.

Fídíò àpẹẹrẹ aṣọ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Màmá náà máa ń fi kámẹ́rà ya aṣọ tuntun, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù àwọn oníbàárà, wọn kò sì mọ̀ pé WhatsApp máa ń ṣe ẹ̀dà tirẹ̀ sínú fóldà kan tí ó ń jẹ́ Sent. Fídíò kan ti di méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ kámẹ́rà, ọ̀kan nínú Sent, méjèèjì sì wà nínú Videos.

Báwo ni mo ṣe lè pa ẹrù WhatsApp rẹ́ láì pàdánù ohun tí mo nílò?

Inú Manage storage yẹn náà ni kí ẹ ti ṣe é. Lókè ni ẹ óò rí Larger than 5 MB, àti Forwarded many times bí irú rẹ̀ bá wà. Nísàlẹ̀ wọn ni orúkọ àwọn ènìyàn àti gúrúùpù wà, èyí tí ó wúwo jù ni ó wà lókè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Larger than 5 MB, nítorí pé ọgọ́rùn-ún fídíò lè tú àyè sílẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún àwòrán ìkíni «ẹ káàárọ̀» lọ. Ní ti màmá aláṣọ yẹn, 7 GB ni a rí gbà níbẹ̀ láàárín bí ogún ìṣẹ́jú, a sì ń ṣí èyí tí kò dá wa lójú wò kí a tó pa á rẹ́.

Ẹ má ṣe gba inú Gálárì lọ bí ẹ bá lè yẹra fún un. Gálárì kò mọ ẹni tí ó fi fídíò ránṣẹ́, ohun tí ẹ bá sì pa rẹ́ níbẹ̀ sábà máa ń lọ sínú Trash, àyè kò tíì tú sílẹ̀. Ẹ rántí pé ohun tí ó ti pẹ́ tí a pa rẹ́ lórí WhatsApp ṣòro láti tún gbà, bí ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ kò bá tún un fi ránṣẹ́.

Mo ti pa fídíò rẹpẹtẹ rẹ́, iye náà kò sì dín kù. Kí ni ó fà á?

Inú ààtàn ni wọ́n wà, a kò tíì sun ún. Gálárì Samsung máa ń fi ohun tí a pa rẹ́ pa mọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni Files by Google. Google Photos máa ń fi í pa mọ́ fún ọgọ́ta ọjọ́ bí ẹ̀dà rẹ̀ bá ti wà lórí Google, ọgbọ̀n ọjọ́ bí kò bá sí. Títí ọjọ́ yẹn yóò fi pé, fóònù ṣì ń ka fáìlì náà sí ẹrù. Lórí àwọn fóònù kan, ìlà Trash ni ó máa ń wà. Lórí àwọn mìíràn, ó ṣì ń jókòó sínú Videos bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Ohun tí ẹ óò ṣe ni kí ẹ ṣí áàpù tí ẹ fi pa á rẹ́ gan-an, kí ẹ sì sọ Trash tàbí Bin rẹ̀ nù. Ààtàn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà: ti Gálárì yàtọ̀ sí ti Photos. 4 GB tí ó wà nínú Trash màmá aláṣọ jẹ́ ohun tí wọ́n ti pa rẹ́ fúnra wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, tí wọ́n sì ń bínú pé fóònù kò gbọ́.

Bí mo bá tẹ áàpù kan nínú ìlà Apps, mo ń rí App size, User data àti Cache. Èwo ni mo lè fọwọ́ kàn?

App size ni áàpù náà fúnra rẹ̀, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí i ju kí a yọ áàpù náà kúrò lọ. User data ni ohun tí ó ti kó jọ fún yín: àkáǹtì tí ẹ fi wọlé, ọ̀rọ̀ tí ẹ ti sọ, ohun tí ẹ gbà sínú rẹ̀. Cache ni ohun tí ó fi sí ìtòsí kí ó má baà tún máa fi dátà gbà á lẹ́ẹ̀kejì.

Bọ́tìnnì méjì ni ó máa ń wà lójú-ìwé yẹn. Clear cache kò léwu. Clear storage, tí àwọn fóònù kan ń pè ní Clear data, máa ń dá áàpù padà sí bí ó ṣe wà ní ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbé e wọlé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe tẹ ẹ́ lórí WhatsApp. Ẹnì kan ti gbé fóònù wá bá mi lẹ́yìn tí ó ti tẹ̀ ẹ́, kò sì ní ẹ̀dà kankan lórí Google. Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta ni ó lọ.

Bí Cache tilẹ̀ tóbi, ẹ má ṣe sọ pípa á rẹ́ di iṣẹ́ ojoojúmọ́, agbọ̀n ni ẹ fi ń pọn omi. Áàpù yóò tún un kó jọ ní kété tí ẹ bá ti lò ó, dátà yín ni yóò sì fi kó o. Áńdróìdì fúnra rẹ̀ máa ń pa Cache àwọn áàpù rẹ́ nígbà tí àyè bá ti fún jù. Cache tó yẹ kí ẹ bìkítà fún ni ti áàpù tí ẹ kì í sábà ṣí mọ́.

Kí ló dé tí Telegram fi tóbi tó bẹ́ẹ̀ nínú Apps nígbà tí WhatsApp kéré?

Ibi tí kálukú ń gbé ẹrù rẹ̀ sí ni. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí Telegram bá gbà ń wà nínú yàrá tirẹ̀, nítorí náà orúkọ rẹ̀ ni ojú-ìwé ń kọ ọ́ sí. Ohun kan náà ni ó sọ ọ́ di èyí tí ó rọrùn jù láti tú sílẹ̀: fídíò inú ìkànnì Telegram ṣì wà lọ́dọ̀ Telegram lẹ́yìn tí ẹ bá pa ẹ̀dà orí fóònù rẹ́, ẹ sì lè tún un gbà nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀. Ẹ ṣí Settings inú rẹ̀, Data and Storage, Storage Usage, kí ẹ sì pa Cache rẹ́ níbẹ̀. Nínú 4.6 GB màmá aláṣọ, 4 ni ó kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ kan kò sì sọnù.

7 láti WhatsApp, 4 láti Telegram àti 4 láti Trash jẹ́ 15 GB. Fóònù tí ó ń lo 61 di èyí tí ó ń lo 46, láìfọwọ́ kan àwòrán kan tí màmá náà fi kámẹ́rà yà.

System mi ń ga sí i, n kò sì gbé nǹkan kan síbẹ̀. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé lórí ọ̀pọ̀ fóònù, System kì í ṣe ohun tí a wọ̀n. Ohun tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí fóònù ti ka àwọn ìlà yòókù tán ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Nítorí náà, ohunkóhun tí fóònù kò mọ ibi tí yóò kà á sí lè fara pa mọ́ sínú rẹ̀. Ẹ pa fóònù kí ẹ sì tún un tan, kí ẹ tún un wò. Nígbà mìíràn, 1 tàbí 2 GB máa ń padà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wò bóyá a ti ya àyè sọ́tọ̀ láti fi kún RAM. Tecno àti Infinix ń pè é ní MemFusion, Samsung ń pè é ní RAM Plus. Bí ẹ bá fi 4 GB kún RAM, inú àpótí ni 4 GB yẹn ti wá, System ni ó sì sábà máa ń hàn sí. Ìwọ̀n ti èmi ni pé ẹni tí fóònù rẹ̀ ti kún dé ọrùn kò nílò rẹ̀: ẹ dín in kù tàbí kí ẹ pa á, kí ẹ sì tún fóònù tan. Bí kì í bá ṣe òun, tí System kò sì ju bí ó ṣe wà nígbà tí fóònù jẹ́ tuntun lọ púpọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Àfikún tuntun Áńdróìdì ni ó gba ibẹ̀, a kò sì lè gbà á padà.

Fóònù ní Videos jẹ́ 14 GB, áàpù mìíràn tí mo fi wò ó ní 13. Èwo ni ó ń purọ́?

Kò sí òpùrọ́ níbẹ̀. Àwọn kan ń ka GB kan sí bílíọ̀nù báìtì kan géérégé, bí àwọn tí ń ta fóònù ṣe ń kà á. Àwọn mìíràn ń kà á sí 1,073,741,824. Ìyàtọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún, òun ni ó sọ 14 di 13, tí ó sì ń sọ 64 di nǹkan bí 59.6. Bí ìyàtọ̀ tí ẹ rí bá ju èyí lọ dáadáa, nígbà náà ni kí ẹ máa fura sí nǹkan mìíràn.

Other tàbí Documents mi tóbi, mo sì wo inú rẹ̀, n kò rí nǹkan. Kí ló wà níbẹ̀?

Ohun méjì ni mo sábà máa ń bá. Èkíní ni ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí WhatsApp ń ṣe pa mọ́ sórí fóònù lójoojúmọ́, nínú fóldà Databases tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Media. Ó lè fi ti ọjọ́ bíi méje sílẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tó 1 GB lè ní ọ̀pọ̀ GB níbẹ̀ láìmọ̀. Àwọn tí ọjọ́ wà lára orúkọ wọn ni a lè pa rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fọwọ́ kan èyí tí kò ní ọjọ́, bíi:

```
msgstore.db.crypt15
```

Èkejì ni WhatsApp kejì. Àwọn tí ń lo nọ́ńbà méjì lórí fóònù kan nípa ṣíṣe ẹ̀dà áàpù náà ní ẹrù kejì tí ó ń gbé nínú àyè tí a ti yà sọ́tọ̀, áàpù tí a fi ń wo fáìlì kì í sì í débẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àmì rẹ̀ ni pé Other tàbí System ga, ibi gbogbo tí ẹ wò sì ṣófo. Ẹ ṣí WhatsApp kejì yẹn, kí ẹ lọ sí Manage storage tirẹ̀ náà.

Ṣé bákan náà ni lórí iPhone?

Rárá, òdì-kejì ni. Ẹ lọ sí Settings, General, iPhone Storage. Níbẹ̀, àwòrán àti fídíò tí ó wà nínú WhatsApp ni a kà sí WhatsApp lọ́rùn, lábẹ́ Documents & Data, nítorí náà iye tí ẹ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ sún mọ́ òtítọ́ ju ti Áńdróìdì lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba fóònù láyè láti máa fi wọ́n sínú Photos pẹ̀lú, ẹ̀dà kejì wà níbẹ̀, ẹ óò sì pa á rẹ́ lọ́tọ̀, títí kan inú Recently Deleted tí ó ń fi nǹkan pa mọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́.